Àmì aláwọ̀ ìdí túùbù ò mọ nǹkan kan

Àwọn kan ń sọ pé, "Ẹ wo ìdí túùbù kírímù yín, bí àmì ẹ̀ bá jẹ́ gírínì, ojúlówó ni, bó bá jẹ́ dúdú, kẹ́míkà lásán ni."

Irọ́ ni o, ẹ̀yin ìyá wa. Ẹ̀rọ tó ń gé túùbù ló ń fi àmì yẹn mọ ibi tó máa gé, àwọ̀ tó bá ṣáà ti hàn ketekete ni wọ́n ń lò. Déètì ni kẹ́ẹ máa wò tẹ́ẹ bá dé ọjà Balógun. Ẹ rántí túùbù tí mo gbé wá sípàdé, mo kàn fi àtàńpàkò ra déètì ẹ̀ ni, yíǹkì bá lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, déètì àtijọ́ yọjú lábẹ́ ẹ̀, ẹ sì pariwo! Nọ́ńbà NAFDAC nìkan ò tó, wọ́n ń tẹ ayédèrú ìyẹn náà.