"Géèmù kan ló gé e": sí ọ̀rẹ́ mi tó ń yáwó ta tẹ́tẹ́

Ọ̀rẹ́ mi, mo ti kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ọ ní kọ̀rọ̀. O kà á, o ò fèsì. Mo wá yọ gbogbo ohun tó lè tú ọ fó kúrò nínú rẹ̀, mo gbé e síbí, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ nìkan lọ̀rọ̀ yìí bá wí, mo sì mọ̀ pé wàá tún rí i. Tó o bá fẹ́ bínú, bínú, ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, kà á dé ìsàlẹ̀.

Ìgbà méje ni mo ti yá ọ lówó láàárín oṣù mẹ́rìnlá. Mi ò ṣe ìṣirò rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo jókòó tí mo lọ wo àkọsílẹ̀ owó tó jáde nínú àkáǹtì mi. Ìgbà àkọ́kọ́, o dá a padà kí ọjọ́ àdéhùn tó pé, o sì dúpẹ́ dáadáa. Ìyẹn gan-an ló tàn mí. Mo ní ẹni tó ń san gbèsè báyìí, kí ló kù tí èèyàn ò lè yá a? Mi ò mọ̀ pé owó ọ̀rẹ́ wa kejì lo fi san tèmi, pé owó tó o yá lórí àápù lo fi san tiẹ̀, àti pé tèmi tó tẹ̀ lé e lo fi san ti àápù. Nígbà tí àwa mẹ́ta jọ sọ̀rọ̀, a rí i pé owó kan náà ló ń yí po láàárín wa. Àmọ́ gbogbo ìgbà tó bá ti yí, apá kan ń já bọ́ sọ́dọ̀ àwọn onítẹ́tẹ́, èlé náà sì ń bù lára ìyókù.

Mo mọ ohun tí wàá sọ, torí o ti sọ ọ́ fún mi tó ìgbà mélòó kan: "Ó kù díẹ̀. Géèmù kan ló gé tíkẹ́ẹ̀tì mi." O tiẹ̀ fi àwòrán rẹ̀ hàn mí. Géèmù mẹ́wàá, mẹ́sàn-án wọlé, ọ̀kan ò wọlé. Lójú rẹ, ẹ̀rí ni pé o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀. Jẹ́ kí á jọ wò ó.

Ká ní géèmù kọ̀ọ̀kan dà bí ẹyọ owó tí wọ́n jù sókè, ó lè ṣubú síhìn-ín, ó lè ṣubú sọ́hùn-ún, ìdajì sí ìdajì. Kí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó lè wọlé, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà nínú 1,024. Àmọ́ kí mẹ́sàn-án wọlé kí ọ̀kan ṣoṣo gé e, ọ̀nà mẹ́wàá ló wà, torí èyíkéyìí nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló lè jẹ́ èyí tó máa gé e. Ìyẹn ni pé ìlọ́po mẹ́wàá ni "géèmù kan ló gé e" fi pọ̀ ju jíjẹ owó náà lọ. Kì í ṣe àmì pé orí rẹ ti fẹ́ ṣí. Bí irú tíkẹ́ẹ̀tì gígùn bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń kú nìyẹn. Ẹni tó bá ń ta á lóòrèkóòrè gbọ́dọ̀ rí i léraléra, ì báà mọ bọ́ọ̀lù bí ẹni tó dá a sílẹ̀, ì báà má mọ nǹkan kan.

Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ọpọlọ èèyàn kì í gbà á bí ìpàdánù. Ní 2009, àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Cambridge wo ọpọlọ àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ lórí ẹ̀rọ. Wọ́n rí i pé nígbà tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n jẹ, lára àwọn ibi tó máa ń tanná nínú ọpọlọ nígbà tí èèyàn bá jẹ náà ló ń tanná, ó sì ń mú kí wọ́n fẹ́ ta sí i. Owó ti lọ, ara ń yọ̀. Ìdí nìyẹn tó o fi ń pè mí láago mọ́kànlá alẹ́ lẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì tí ọ̀kan gé, tí o kì í sì í pè lẹ́yìn èyí tí mẹ́fà bàjẹ́ nínú rẹ̀. Lọ wo ìpè tó wà lórí fóònù rẹ, wàá rí i.

Iye tí wọ́n ń san ńkọ́? Nínú ìdíje tó jẹ́ ìdajì sí ìdajì, tí ẹ̀tọ́ bá wà níbẹ̀, 2.00 ló yẹ kí ọ́ọ̀dì rẹ̀ jẹ́, ìyẹn ni pé tó o bá jẹ, ìlọ́po méjì owó tó o fi ta lo máa gbà. Èyí tí wọ́n máa ń gbé síta lè jẹ́ 1.90. Ó dà bíi pé kékeré ni wọ́n bù. Tó o bá fi 100 ta géèmù kan báyìí, ohun tó ń padà wá, tá a bá pín in dọ́gba lórí ọ̀pọ̀ ìgbà, jẹ́ 95. Ṣùgbọ́n o kì í ta ẹyọ kan. Mẹ́wàá lo máa ń so pọ̀, o ní ibẹ̀ ni owó gidi wà. Gbogbo géèmù tó o bá so mọ́ ọn ni wọ́n ti ń bu tiwọn, wọ́n á tún bù lórí ohun tí wọ́n ti bù tẹ́lẹ̀. Sọ 1.90 di ìlọ́po ara rẹ̀ lọ́nà mẹ́wàá, 613 lo máa bá pàdé. Ẹni tó bá jẹ nǹkan tó ní ọ̀nà kan nínú 1,024, 1,024 ló yẹ kó gbà. Nínú 100 tó o bá fi ta irú tíkẹ́ẹ̀tì yìí, 60 péré ló ń padà sọ́dọ̀ ẹ̀yin tó ń fi owó ta tẹ́tẹ́. Ìpolówó tó ní kó o tún fi géèmù méjì kún un kí wọ́n fún ọ lẹ́bùn, ìwọ náà wá ronú ẹni tí ẹ̀bùn yẹn wà fún.

Gbé èyí wá sórí owó tí o yá. Ká ní àápù yá ọ ní 100, tí yóò sì gba 120 lọ́wọ́ rẹ lópin oṣù. Àní tó o bá ta géèmù ẹyọ kan ṣoṣo, 95 ni tẹ́tẹ́ ń dá padà. 120 ni olówó ń dúró dè. Kò sí bí o ṣe lè mọ bọ́ọ̀lù tó tí àlàfo yẹn á fi di ara rẹ̀. O máa ń sọ pé ohun tó sọnù nìkan lo fẹ́ gbà padà, lẹ́yìn náà wàá dáwọ́ dúró. Mo gbà pé o ò purọ́ nígbà tó o sọ ọ́. Ṣùgbọ́n o jẹ lóṣù kẹfà, àbí o ò jẹ? Owó tó jọjú ni. Kò lo ọjọ́ mẹ́ta. Gbèsè kankan ò kúrò nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ irọ́ náà ńkọ́? Owó ilé ìwòsàn tó o gbà lọ́wọ́ mi, ọ̀rẹ́ wa kejì náà san án fún aláìsàn kan náà lọ́sẹ̀ kan náà. Ó dùn mí. Mo sì ti ń bínú sí ọ bí ọ̀dàlẹ̀, kí n tó ka ohun tí àwọn dókítà kọ. Nínú ìwé DSM-5 tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2013, wọ́n kó àìsàn tẹ́tẹ́ sí ọ̀wọ́ kan náà pẹ̀lú bárakú ọtí àti oògùn olóró. Àmì mẹ́sàn-án ni wọ́n kọ síbẹ̀. Lára wọn ni kí èèyàn máa padà lọ lépa owó tó ti sọnù, kó máa purọ́ bo tẹ́tẹ́ tó ń ta mọ́lẹ̀, kó sì máa gbára lé owó ẹlòmíì láti yọ ara rẹ̀ nínú ohun tí tẹ́tẹ́ fà. Mẹ́rin láàárín ọdún kan tó kí dókítà pè é ní àìsàn. Mi ò kì í ṣe dókítà, mi ò sì ní sọ iye tí mo kà lára rẹ fún ọ níbí.

Àmọ́ àmì tó kẹ́yìn yẹn, èmi ló kàn. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú ló fata sẹ́nu. Mo rò pé mò ń ràn ọ́ lọ́wọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá fi owó dí ihò kan, ṣe ni mò ń ṣí àyè ihò mìíràn, torí àápù tó rí i pé o san tán á tún sún iye tó lè yá ọ sókè. Nítorí náà, mi ò ní yá ọ lówó mọ́, mi ò sì ní bá ọ san gbèsè kankan nísinsìnyí, kódà kí n fi ránṣẹ́ tààrà sí ẹni tó o jẹ. Mo ti bá àwọn méjì yòókù sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ wa ti bára mu.

Ohun tí mo lè ṣe rèé. Kí o mú fóònù náà wá, kí a jọ ṣí àkáǹtì tẹ́tẹ́ náà. Pípa àápù rẹ́ lórí fóònù ò tó, o ti pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin lójú mi. Àkáǹtì náà ṣì wà lọ́hùn-ún, ó ń dúró dè ọ́. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ tó ní ìwé àṣẹ ló ní ibi tí èèyàn ti lè ní kí wọ́n ti òun mọ́ta fún iye àkókò kan, tí o ò ní lè yí i padà kó tó pé. Èyí tó gùn jù ni kí o mú. Ṣe é lórí gbogbo èyí tó o ní, torí tó o bá fi ọ̀kan sílẹ̀, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ á gbà.

Lẹ́yìn ìyẹn, a máa kọ gbèsè náà sílẹ̀, gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tó ń tì ọ́ lójú. Ẹni tó ni ín, iye rẹ̀, èyí tó ní èlé àti èyí tí kò ní. Àwọn tó ní èlé la máa kọ́kọ́ pè láti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pín in sí wẹ́wẹ́. Àwa ọ̀rẹ́ lè dúró. Fún oṣù díẹ̀, kí owó oṣù rẹ gba ọwọ́ ẹnì kan tí kì í ta tẹ́tẹ́ kọjá. Kò pọn dandan kó jẹ́ èmi, ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe é ṣe. Ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Gamblers Anonymous, ó ti wà láti 1957, àwọn tó ti ta tẹ́tẹ́ bíi tìrẹ ló wà níbẹ̀. Nínú ogún ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi ẹni tó bá kọ́kọ́ wá, ọ̀kan ni bóyá ó ti yáwó rí láti fi ta á. O rí i pé ọ̀rọ̀ rẹ ò ní yà wọ́n lẹ́nu.

Ohun kan kù tí mi ò fẹ́ fi pa mọ́ra. Lálẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè, o kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi pé ó máa rọrùn fún gbogbo èèyàn bí o ò bá sí mọ́. O tètè pa á rẹ́, ṣùgbọ́n mo ti kà á. Mò ń bi ọ́ ní gbangba: ṣé o ń ronú láti gba ẹ̀mí ara rẹ? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, má dúró de ìgbà tí a máa jọ jókòó. Pè mí nísinsìnyí, wákàtí yòówù kó jẹ́, a jọ máa lọ rí dókítà lónìí. Gbèsè ni gbèsè, èmi tí o jẹ ni mo sọ ọ́.

Tí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, mo wà nílé ní Sátidé láti àárọ̀. Mo mọ̀ pé ọjọ́ bọ́ọ̀lù ni. Ìdí tí mo fi mú un nìyẹn.