Èsì ilé ìtajà wa lórí íàpíìsì tí ìpè kì í dún nínú rẹ̀

«Íàpíìsì Bulutúùtù tí mo rà lọ́wọ́ wọn ní ₦18,500, ó so mọ́ fóònù mi lóòótọ́, orúkọ rẹ̀ hàn níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pè mí, n kì í gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n ní àwọn ti tún un ṣe, ó tún wá ń já lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ayédèrú ni wọ́n ń tà. Ẹ má lọ síbẹ̀ o.»

Màmá wa, a dúpẹ́ pé ẹ kọ̀wé. Ẹni tó bá fẹ́ ra íàpíìsì lọ́la yóò ka ohun tí ẹ kọ, nítorí náà ó tọ́ kó ka ìyókù pẹ̀lú.

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ, ni ẹ ra ọjà náà ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Ọ̀wọ́dé, nílùú Ọ̀yọ́ níbí. Ọmọbìnrin tó ń dúró sídìí káńtà so ó mọ́ fóònù yín lójú yín, ó fi orin dán an wò, ẹ̀yin fúnra yín sì ń mi orí sí orin náà kí ẹ tó sanwó. Ọjọ́ Mọ́ńdè, ọjọ́ 11, ni ẹ padà wá, nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, a ò sì tíì ráyè kí yín káàbọ̀ tí gbogbo àdúgbò ti gbọ́ ẹjọ́ wa. Èmi gan-an ni mo gba íàpíìsì náà lọ́wọ́ yín. Mo kọ́kọ́ so ó mọ́ fóònù ṣọ́ọ̀bù, mo ní kí ọmọkùnrin tó ń bá wa ṣiṣẹ́ bọ́ sí títì kó pè mí, a sì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 12 gbáko láìjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ jókòó sórí àga níwájú mi nígbà náà. Bí ìpè bá ń dún dáadáa lórí fóònù kan tí kò dún lórí òmíràn, fóònù tí kò ti dún ni à ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kì í ṣe íàpíìsì.

Ohun tí mo rí nínú fóònù yín nìyí, mo sì ń sọ ọ́ kí ẹlòmíràn lè fi tún tirẹ̀ ṣe nílé. Pé íàpíìsì so mọ́ fóònù kò túmọ̀ sí ju pé àwọn méjèèjì ti mọ ara wọn lọ. Ọ̀nà tí orin ń gbà dé etí yàtọ̀ sí ọ̀nà tí ìpè ń gbà: A2DP ni àwọn tó ṣe é ń pe ti orin, HFP sì ni ti ìpè. Ọ̀kan lè ṣí kí èkejì wà ní títì. Lórí fóònù Android bíi tiyín, ẹ ó wọ "Settings", ẹ ó wọ "Connected devices", ẹ ó sì tẹ àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ íàpíìsì náà. Ẹ ó rí "Media audio" tó jẹ́ ti orin, ẹ ó sì rí "Phone calls" tó jẹ́ ti ìpè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn fóònù kan máa ń yí ọ̀rọ̀ náà padà díẹ̀. "Phone calls" wà ní pípa lórí fóònù yín. Ìdí nìyẹn tí orin fi ń dún ketekete tí ohùn ẹni tó ń pè yín sì ń lọ sínú fóònù nínú àpò. Mo tàn án, mo pè yín, ẹ gbọ́ mi, ẹ tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní ẹ kò fọwọ́ kàn án rí, a ò sì bá yín jiyàn, ṣùgbọ́n fóònù náà kò sí lọ́wọ́ wa láàárín ọjọ́ 9 yẹn.

Ibi tí a ti jẹ̀bi nìyí, a ò ní fi pa mọ́: orin nìkan ni ọmọbìnrin wa fi dán an wò lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Ká ní ó pe fóònù yín ni, ojú ibẹ̀ là bá ti rí i. Láti ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ, íàpíìsì kan kì í jáde nínú ṣọ́ọ̀bù wa mọ́ láìjẹ́ pé a fi ìpè dán an wò.

Ní ti jíjá tí ó ń já, Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 14, ni ẹ pè wá. A bi yín léèrè ibi tí fóònù máa ń wà tí ẹ bá ń ta ọjà, ẹ sì ní inú àpò owó tí ẹ so mọ́ ìbàdí ni, tí ẹ yí sẹ́yìn kí wọ́n má baà já a gbà. Màmá wa, omi ló pọ̀ jù nínú ara ènìyàn, omi sì máa ń fa agbára Bulutúùtù mu. Bí fóònù bá wà lẹ́yìn ìbàdí, gbogbo ara yín ló dúró sáàárín òun àti etí. Ẹ óò ní kí ló dé tí orin kì í já níbẹ̀. Fóònù máa ń fi orin díẹ̀ ránṣẹ́ sínú íàpíìsì ṣáájú, bí ìgbà tí a pọn omi sínú àmù, nítorí náà bí ọ̀nà bá dí fún ìṣẹ́jú àáyá kékeré, etí kò ní mọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò ṣeé pọn pa mọ́ bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó ń sọ ọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ọ́ ni. Èyí tó bá sọnù lójú ọ̀nà ti sọnù nìyẹn.

Ẹ gbé fóònù sí àyà, kí ẹ sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 5, lẹ́yìn náà kí ẹ dá a padà sínú àpò yẹn, kí ẹ tún sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ inú àpò nìkan ló ti ń já, ibi tí ẹ ń gbé e sí ni. Bó bá ń já ní àyà náà, ẹ yọ íàpíìsì, kí ẹ fi fóònù lásán sọ̀rọ̀ níbi kan náà. Bó bá ṣì ń já, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé íàpíìsì nìkan ló ń já nígbà tí fóònù wà ní àyà yín, ọjà wa ló bàjẹ́, a ò sì ní jiyàn.

Ẹ tún sọ fún wa pé ọmọ yín máa ń fi íàpíìsì náà wo eré lórí tábúlẹ́ẹ̀tì. Irú èyí tí ẹ rà lè so mọ́ ẹ̀rọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó wà lára páálí rẹ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì tó sì ń wọlé tó ń jáde bẹ́ẹ̀ lè máa dí ìpè lọ́wọ́. Ẹ tẹ "Forget" lórí tábúlẹ́ẹ̀tì náà, kí ẹ fi fóònù nìkan dán an wò.

Ọ̀rọ̀ ayédèrú yẹn ló dùn wá jù. Ọjọ́ 7 ni a kọ sórí risíìtì fún pípààrọ̀, ó sì ti kọjá. Síbẹ̀, ẹ gbé e wá: bó bá já ní ọwọ́ wa, ẹ ó gba tuntun, bí ẹ bá sì fẹ́ owó, ₦18,500 yín pé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú àpótí rẹ̀ wá lọ́tẹ̀ yìí, torí ẹ gbàgbé rẹ̀ sílé lọ́jọ́ 11, kí ẹ sì gba tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ọmọ yín kí ẹ tó kúrò nílé.