Irọ́ ni pé tó o bá ti sọ gbogbo lẹ́tà di kékeré, o ti fi wọ́n wéra tán

Ọ̀rọ̀ kan ti di òfin láàárín àwa Yorùbá tá a ń kọ kóòdù nílùú Àbújá níbí: tó o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ méjì jẹ́ ìkan náà láì ka lẹ́tà ńlá tàbí kékeré sí, ṣáà sọ méjèèjì di kékeré, fi wọ́n wéra, ó parí. Kò parí o. Ó ń ṣiṣẹ́ fún "ABUJA" àti "abuja" lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi gbà á gbọ́, àmọ́ ìbéèrè tẹ́nikẹ́ni kì í bi kọ̀ǹpútà ni pé, lẹ́tà kékeré ti èdè wo?

Ẹ wo èdè Tọ́kì. Láti 1928 tí wọ́n ti gba lẹ́tà Látìnì ni wọ́n ti ní fáwẹ̀lì méjì tó jọra lójú, ìkan ní àmì lórí, ìyẹn i, ìkan ò ní, ìyẹn ı, ìró wọn sì yàtọ̀ pátápátá. Lẹ́tà ńlá ti i ni İ, àmì náà ò kúrò lórí ẹ̀, nígbà tí lẹ́tà ńlá ti ı jẹ́ I. Nítorí náà tó o bá ní kí kọ̀ǹpútà sọ I di kékeré lédè Tọ́kì, ı ló máa fún ẹ, kì í ṣe i, kò sì ṣe àṣìṣe kankan.

Ibi tí wàhálà ti wọlé ni nọ́ńbà tí wọ́n fún àwọn lẹ́tà yẹn. Àwọn ará Rọ́ṣíà ní lẹ́tà kan tó jọ A wa lójú pátápátá, àmọ́ Yuníkóòdù fún tiwọn ní nọ́ńbà ọ̀tọ̀, U+0410, tiwa sì jẹ́ U+0041, kọ̀ǹpútà ò lè ṣi ìkan mú fún èkejì. Ti Tọ́kì ò rí bẹ́ẹ̀, méjì péré ni wọ́n fi kún un, İ tó jẹ́ U+0130 àti ı tó jẹ́ U+0131, I àti i tó kù sì ni wọ́n jọ ń lò pẹ̀lú èdè Òyìnbó àti Yorùbá àti Haúsá. Tí kọ̀ǹpútà bá rí I lásán, kò sí bó ṣe lè mọ èdè tó jẹ́ àyàfi téèyàn bá sọ fún un, téèyàn ò bá sì sọ, ó lè lọ wo sẹ́tíńgì ẹ̀rọ tó wà lórí ẹ̀.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí àbúrò kan tí mo mọ̀ ní Kúbwà nìyẹn. Ó fi Java ṣe sọ́fítíwíà ìnfọ́ìsì fún oníṣòwò kan ní Kánò tó ń kó aṣọ wọlé láti Ìsítáńbùl, ó dán an wò lórí lápútọ́ọ̀pù ẹ̀, ó ń lọ dáadáa, ó gbé e fún wọn. Àmọ́ ọ̀kan nínú àwọn lápútọ́ọ̀pù ọ́fíìsì yẹn, Tọ́kì ni wọ́n ti rà á, sẹ́tíńgì èdè orí ẹ̀ sì wà bí wọ́n ṣe rà á. Fáìlì kan náà tó ń ṣí lórí àwọn ẹ̀rọ yòókù ò ṣí níbẹ̀, ó ní òun ò rí kọ́lọ́ọ̀mù kan. Ó pè mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kóòdù yìí ò ní wàhálà kankan lọ́dọ̀ mi o, ẹ bá mi wò ó." Ohun tó kọ rèé:

```java
header.toLowerCase().equals("invoice")
```

Lórí ẹ̀rọ tiẹ̀, "INVOICE" di "invoice", wọ́n bára mu. Lórí ẹ̀rọ Tọ́kì yẹn, "INVOICE" di "ınvoıce", wọn ò sì bára mu mọ́. Ìwé àṣìṣe pàápàá kọ "ınvoıce" síbẹ̀, ojú lásán sì fò ó dá torí àmì bíńtín ni. Ohun tó tú àṣírí ẹ̀ ni pé kọ́lọ́ọ̀mù DATE àti AMOUNT ń wọlé, gbogbo èyí tó ní I nínú ni ò wọlé. Tẹ́ ẹ bá rí irú ẹ̀, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá wọ mọ́tò lọ sí Kánò, ẹ lè sọ ẹ̀rọ tiyín di Tọ́kì fún ìṣẹ́jú díẹ̀:

```
java -Duser.language=tr -Duser.country=TR -jar app.jar
```

Àtúnṣe ẹ̀ ò ju `toLowerCase(Locale.ROOT)` lọ, torí orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ̀rọ ló ni ín, òfin kan ṣoṣo tí kì í yí padà ló yẹ kó máa tẹ̀ lé. Ẹ̀yin ará C#, `StringComparison.OrdinalIgnoreCase` ni tiyín.

Ibí yìí làwọn kan ti máa ń ní tiwọn ti tán, pé Python làwọn ń lò, pé àwọn ò sì ní kọ́sítómà Tọ́kì kankan. Òótọ́ ni pé `lower()` ti Python kì í wo sẹ́tíńgì ẹ̀rọ. Àmọ́ ẹ wo èyí ná:

```python
"alıyu".upper() == "aliyu".upper()   # True
"alıyu".lower() == "aliyu".lower()   # False
len("İ".lower())                     # 2
```

Bóyá ọ̀rọ̀ méjì jọra tàbí wọn ò jọra wá dá lórí bóyá ẹ gòkè tàbí ẹ sọ̀ kalẹ̀, torí ı àti i máa ń pàdé nínú I tí wọ́n bá di ńlá, wọn kì í sì í pàdé tí wọ́n bá wà ní kékeré. Ẹni tó fẹ́ jalè ò nílò pé kó o ní kọ́sítómà Tọ́kì. Ká ní Aliyu fi `aliyu@misali.example` forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Olè lọ ra dómáìnì `mısalı.example`, ó tẹ `aliyu@mısalı.example` síbi tí wọ́n ti ń sọ pé àwọn gbàgbé páásíwọ̀ọ̀dù. Dátábéèsì yín sọ méjèèjì di ńlá, ó ní wọ́n jọra, ó mú àkáǹtì Aliyu jáde, kóòdù yín wá fi líǹkì ránṣẹ́ sí àdírẹ́ẹ̀sì tí olè tẹ̀. Irú àlàfo yìí gan-an ni wọ́n dí nínú Django, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ wẹ́ẹ̀bù ní Python, ní December 2019, nọ́ńbà ẹ̀ ni CVE-2019-19844. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n tún fi àdírẹ́ẹ̀sì méjèèjì wéra dáadáa lẹ́yìn tí dátábéèsì bá ti dáhùn, wọ́n sì ń fi líǹkì ránṣẹ́ sí àdírẹ́ẹ̀sì tó wà nínú dátábéèsì, kì í ṣe èyí tí wọ́n tẹ̀. Lójú tèmi èkejì yẹn ló ṣe pàtàkì jù, torí bí ìfiwéra bá tiẹ̀ tún kùnà lọ́jọ́ kan, Aliyu ni líǹkì ṣì máa lọ bá.

Fún yúsánéèmù, `casefold()` ni kẹ́ ẹ lò ní Python, kò ní sọ pé ı àti i jẹ́ ìkan náà. Ẹ má rò pé `equalsIgnoreCase` ti Java ṣe iṣẹ́ kan náà o, kì í wo sẹ́tíńgì èdè lóòótọ́, àmọ́ ó máa ń gbìyànjú ńlá, ó tún gbìyànjú kékeré, nítorí náà i, ı, I àti İ, ìkan náà ni gbogbo wọn lójú ẹ̀. Ìyẹn dáa fún orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù, kò dáa fún àkáǹtì èèyàn rárá.

(Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń fi 32 kún nọ́ńbà lẹ́tà ńlá kó lè di kékeré, a jọ wà ní Àríwá níbí, ẹ lọ dán orúkọ Haúsá wò. Ƙ jẹ́ U+0198, ƙ jẹ́ U+0199, ìkan péré ló wà láàárín wọn, nígbà tí Ɗ wà ní U+018A tí ɗ sì jìnnà lọ sí U+0257.)

Ibi tí `casefold()` ò ti ní ràn yín lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ táwọn ará Tọ́kì fúnra wọn fẹ́ ṣe àwárí ẹ̀. Ẹni tó tẹ "ısparta", orúkọ ìlú wọn kan, fẹ́ rí "ISPARTA", bẹ́ẹ̀ òfin gbogboogbò ti sọ I di i. Yuníkóòdù ní ìlà méjì fún irú ẹ̀ nínú fáìlì `CaseFolding.txt`, wọ́n fi T sàmì sí wọn, àmọ́ wọn kì í ṣiṣẹ́ àyàfi tẹ́ ẹ bá dìídì pè wọ́n, láíbìrì tó ń jẹ́ ICU sì lè bá yín sọ ọ̀rọ̀ di kékeré lọ́nà tiwọn tẹ́ ẹ bá sọ fún un pé `tr` ni, tàbí `az` fún Azerbaijan. Orúkọ àwọn kọ́sítómà Kánò àti ti Ìsítáńbùl tó wà nínú kọ́lọ́ọ̀mù kan náà ló wá kù, ìyẹn ò ní òfin kan tó máa bá gbogbo wọn mu, àfi kẹ́ ẹ fi kọ́lọ́ọ̀mù míì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tó máa sọ èdè tí orúkọ kọ̀ọ̀kan jẹ́.