₦5,000 ní wákàtí kan, àbí ₦1,780?

Dáre Alékúwodò: Ẹ jọ̀ọ́, fídíò ni mò ń bá àwọn èèyàn ẹ́díìtì níbí l'Óṣogbo. Oṣù tó kọjá ₦400,000 ló wọlé, wákàtí 80 ni mo sì fi ṣe iṣẹ́ tí wọ́n sanwó ẹ̀. Ṣé ₦5,000 ni mò ń pa ní wákàtí kan?

Bọ̀dá Ògo-Olúwa: Rárá o. Yọ ìnáwó ná.

Dáre Alékúwodò: Epo jẹnẹ àti iná ₦70,000, dátà ₦30,000, sọfútíwíà ₦30,000. Laptọ́ọ̀pù ti wà ńlẹ̀ tẹ́lẹ̀, ₦720,000 ni mo rà á.

Bọ̀dá Ògo-Olúwa: Ó wà ńlẹ̀ lóòótọ́ àmọ́ ó ń gbó lọ, tó bá lo ọdún 3, ₦20,000 ló ń jẹ lóṣù. Àpapọ̀ ₦150,000, ó ku ₦250,000.

Ìyá Ìbejì Ìgbọ̀nà: Owó orí ńkọ́? Èmi 10% gbogbo owó tó bá wọlé ni mo máa ń yọ sọ́tọ̀ kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan. ₦40,000 nìyẹn.

Bọ̀dá Ògo-Olúwa: Màmá, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ ń yọ ọ́ sọ́tọ̀, àmọ́ orí èrè ni wọ́n ti ń gbà á, kì í ṣe orí gbogbo owó tó wọlé. Lábẹ́ òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún ò ní owó orí, ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e ní 15%. Tí gbogbo oṣù Dáre bá rí báyìí, èrè ẹ̀ lọ́dún jẹ́ ₦3,000,000 géérégé, owó orí ₦330,000, ìyẹn ₦27,500 lóṣù. ₦222,500 ló kù.

Dáre Alékúwodò: Kí n wá pín in sí 80, ₦2,781. Kò burú náà.

Bọ̀dá Ògo-Olúwa: Dúró ná. Wákàtí tó o fi ń dá wọn lóhùn lórí Wáásáàpù, tó o fi ń bá wọn dúnàá dúrà, tó o fi ń lé gbèsè kiri, tó o fi ń ṣe àtúnṣe tí wọn ò sanwó fún, ṣé ọjà ọ̀fẹ́ nìyẹn?

Dáre Alékúwodò: Hẹ̀n. Á tó 45 lóṣù o.

Bọ̀dá Ògo-Olúwa: Ó di 125. ₦222,500 pín sí 125, ₦1,780.

Télọ̀ Òkè-Fìà: Èmi ò gbà o, iye aṣọ ni mo ń gbà lọ́wọ́ kọ́sítọ́mà, tí mo bá lọ sọ fún un pé wákàtí kan báyìí báyìí, ṣé kò ní sá ni?

Bọ̀dá Ògo-Olúwa: Ta ló ní kẹ́ ẹ sọ fún un? Ẹ̀yin lẹ máa fi mọ kọ́sítọ́mà tó ń jẹ yín lówó. Dáre, tó o bá ní àtúnṣe méjì péré ló jẹ́ ọ̀fẹ́, tí 45 yẹn wá já sí 25, ₦2,119 ni, láìfi kọ́bọ̀ lé owó iṣẹ́.

Ìyá Ìbejì Ìgbọ̀nà: Epo ₦70,000 yẹn, ṣé fíríìjì ò sí lórí jẹnẹ ọ̀hún?

Dáre Alékúwodò: Ó wà ńbẹ̀ o màmá 😂

Bọ̀dá Ògo-Olúwa: Háà. Epo tíṣẹ́ jẹ nìkan ni kó o kà o, ti fíríìjì kì í ṣe ìnáwó iṣẹ́. Èrè ẹ máa gòkè, owó orí náà á tẹ̀ lé e.

Dáre Alékúwodò: Wákàtí tí mo fi ń kọ́ nǹkan tuntun ńkọ́?

Bọ̀dá Ògo-Olúwa: Èmi ń kà á.

Ìyá Ìbejì Ìgbọ̀nà: Èmi ò kà á o, ara mi ni mo kọ́ ọ fún.