Kì í Ṣe Gbogbo Ọjà Tó Bá Dín Ni Ọmọ Ṣọ́ọ̀bù Jí

Mo tún gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá lẹ́nu ọ̀gá kan tó ń ta ohun jíjẹ ní Mọ́níyà: "Bí ọjà bá ti dín, ẹ má wá ẹlòmíì, ọmọ tó ń tà á ló mọ ibi tó wà." Gbogbo àwọn tó jókòó tì í ló ń mi orí. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn oníṣọ́ọ̀bù ka ọjà, kí n sì fi í wé ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà wọn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọjà tí wọ́n ń wá kò fìgbà kankan wọ ṣọ́ọ̀bù. Páálí ni wọ́n fi rà á, ẹyọ ni wọ́n fi ń tà á, iye ẹyọ tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó wà nínú páálí kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣírò ọ̀kan, torí àwọn tó ń pariwo olè kì í ráyè jókòó ti ìṣirò. Àǹtí kan tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ń ta bisikíìtì kan tí páálí rẹ̀ máa ń ní ẹyọ 48. Nígbà tó yá, àwọn tó ń ṣe é dín in kù sí 40. Àwọ̀ páálí kò yí padà, àwòrán ara rẹ̀ kò yí padà, nọ́ńbà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nìkan ló yí, ta ló sì ń ka ìyẹn nígbà tí wọ́n bá ń já ẹrù? Àǹtí ra páálí 25 ní ₦9,600 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦240,000. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣì gbà pé 48 ló wà nínú páálí, ó sì kọ ọ́ pé ẹyọ 1,200 ló wọlé. Ohun tó wọlé gan-an jẹ́ 1,000.

Àṣìṣe yẹn kò dúró síbi iye ọjà. Kọ̀ǹpútà pín ₦9,600 sí ọ̀nà 48, ó ní ₦200 ni wọ́n ra ẹyọ kan. Àǹtí wá ń tà á ní ₦230, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé òun ń jèrè ₦30 lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi 40 pín in, ẹ ó rí i pé ₦240 ni wọ́n ra ẹyọ kan. Àdánù ₦10 lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń bá wọlé lójoojúmọ́ tó ń dúpẹ́ pé ọjà ń tà.

Ọmọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ta gbogbo 1,000 yẹn, ó sì kó ₦230,000 fún un láìsí kọ́bọ̀ tó dín. Síbẹ̀ kọ̀ǹpútà ní ẹyọ 200 ṣì wà lórí pẹpẹ, pẹpẹ sì ṣófo. Àǹtí ti fẹ́ máa yọ ₦46,000 díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù ọmọ náà. Mo ní kí wọ́n gbé páálí tuntun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí wá. A ṣí i lójú gbogbo wọn, a kà á, ó jẹ́ 40.

Ẹ wo bí ìṣirò náà ṣe padà wọnú ara rẹ̀. Èrè tí kọ̀ǹpútà kọ jẹ́ ₦30,000. Ọjà 200 tó ní ó sọnù, ní iye tó pè é pé wọ́n rà á, jẹ́ ₦40,000. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú èrè, àdánù ₦10,000 ló kù. Ẹ wá padà sórí owó gidi: ₦240,000 ló jáde, ₦230,000 ló wọlé. Àdánù ₦10,000 kan náà ni. Kò sí ààyè fún olè kankan níbẹ̀.

Bí èèyàn ṣe lè dá irú rẹ̀ mọ̀ kò le rárá. Ẹ fi iye páálí tó wọlé pín iye ẹyọ tó dín. Bí ẹ bá fi 25 pín 200, ó jẹ́ 8 géérégé, 8 náà sì ni ìyàtọ̀ àárín 48 àti 40. Ẹni tó ń jalè kì í ṣírò kó tó mú. Ó máa ń mú mẹ́ta lónìí, kó mú ọ̀kan lọ́la, nǹkan tó wù ú ló sì ń mú. Àṣìṣe páálí máa ń dúró sórí ọjà kan ṣoṣo, ó sì máa ń padà wá bí ẹrù tuntun bá ti dé, ì báà jẹ́ ọmọ mìíràn ló wà ní ṣọ́ọ̀bù.

Èkejì rẹ̀ ni ti róòlù. Wàrà onísáṣẹ́ẹ̀tì máa ń wà ní róòlù, kí róòlù tó wà nínú páálí. Ká ní róòlù ní sáṣẹ́ẹ̀tì 10, tí sáṣẹ́ẹ̀tì kan jẹ́ ₦200. Oníbàárà ra róòlù kan, ó san ₦2,000. Bákóòdù tó wà lára sáṣẹ́ẹ̀tì ni ọmọ náà rí, òun ló sì síkáànì lẹ́ẹ̀kan. Kọ̀ǹpútà yọ ẹyọ kan, wàrà wá dín ní mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n owó lé ní ₦1,800. Ibẹ̀ ló máa ń bí mi nínú jù. Àwọn ọ̀gá á kó owó tó lé sápò, wọn ò ní béèrè ibi tó ti wá, wọ́n á wá máa dá ọmọ ọlọ́mọ lóró nítorí wàrà mẹ́sàn-án.

Wọ́n á ní àwọn ti mú olè rí. Mo gbà pé olè wà, àti pé níbi tí ìṣirò ti bàjẹ́, èmi náà kò lè ya ohun tó jí sọ́tọ̀ títí a ó fi tún un ṣe. Àwọn mìíràn á ní páálí kì í yí padà, torí núdù gíráàmù 70 jẹ́ 40, kéréètì ẹyin jẹ́ 30. Ẹ lọ ka bisikíìtì àti ọṣẹ yín wò.

Bí ẹrù bá dé, ẹ ṣí páálí kan nínú ọjà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kà á kí ẹ tó tẹ ohunkóhun sínú kọ̀ǹpútà. Bí iye bá ti yí padà, ẹ má kàn pa 48 rẹ́ kí ẹ sì kọ 40 sí i. Bó bá jẹ́ páálí ni kọ̀ǹpútà yín fi ń tọ́jú iye ọjà, páálí mẹ́fà ti tẹ́lẹ̀, tó jẹ́ ẹyọ 288, á di 240 lójú ẹsẹ̀, ẹ ó sì tún ní ọjà tó pọ̀ ju ìwé lọ. Ẹ ka èyí tó kù ní ẹyọ, kí ẹ ṣí orúkọ ọjà tuntun fún páálí 40. Òfin àjọ GS1, tó ń bójú tó nọ́ńbà bákóòdù káàkiri ayé, sọ pé bí iye ẹyọ inú páálí bá yí padà, nọ́ńbà páálí gbọ́dọ̀ yí padà. Nítorí náà, bí ẹ bá síkáànì páálí tí kọ̀ǹpútà sì ní òun kò mọ̀ ọ́n, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń kánjú so ó mọ́ ọjà àtijọ́. Kí ó ṣí páálí náà, kí ó kà á.