Àtúnṣe: Ẹ̀tọ́ láti ra ìpín kò parí ìjà máníjà àti onípìn-ín

"Bí ilé-iṣẹ́ bá ti fún máníjà ní ẹ̀tọ́ láti ra ìpín, ire tirẹ̀ àti ti àwọn onípìn-ín ti di ọ̀kan."

Kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn mí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Òṣogbo ń há a sórí láti inú ìdáhùn tí wọ́n ń ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ kiri.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ìpín kan jẹ́ ₦100 lónìí. Máníjà ní ẹ̀tọ́ láti ra mílíọ̀nù kan ìpín ní iye yẹn lọ́jọ́ iwájú. Iṣẹ́ kan yóò sọ ìpín di ₦105 láìséwu. Òmíràn lè sọ ọ́ di ₦160, ó sì lè já a sí ₦20, bí èyí ṣe lè ṣẹlẹ̀ náà ni ìyẹn ṣe lè ṣẹlẹ̀. Ìpíndọ́gba onípìn-ín níbẹ̀ jẹ́ ₦90: àdánù gbáà ni. Ṣùgbọ́n bó bá yọrí sí rere, máníjà jèrè ₦60 mílíọ̀nù. Bó bá bàjẹ́, kò ní ra ìpín kankan, kọ́bọ̀ kò sì kúrò lápò rẹ̀. Ìpíndọ́gba tirẹ̀ jẹ́ ₦30 mílíọ̀nù, nígbà tí iṣẹ́ tí kò léwu yóò fún un ní mílíọ̀nù márùn-ún péré. Ta ni kò mọ èyí tí yóò mú?

Ìpín gan-an ló sàn jù, èyí tí kò gbọdọ̀ tà fún ọdún mélòó kan, kí àdánù lè kan òun náà. Àmọ́ bí gbogbo ọrọ̀ rẹ̀ bá wà níbẹ̀, ẹ̀rù lè mú un kọ iṣẹ́ tó dára sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi tún nílò olùṣọ́: òfin ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà ti 2020 fi onípìn-ín mẹ́ta sínú ìgbìmọ̀ àyẹ̀wò ìṣirò ẹlẹ́ni márùn-ún.