Ọwọ́ tó ti di ògiri mú kò gbọdọ̀ yọ̀ mọ́

Láti àná ni inú ti ń bí mi. Àbúrò kan tó ń kọ́ bí a ṣe ń ṣe géèmù nínú Unreal Engine fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi. Ẹni inú géèmù rẹ̀ sáré dé ìdí ògiri, ó fò, ó nawọ́ sókè láti di etí ògiri náà mú, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wọ inú bíríkì lọ ní ìsàlẹ̀ etí náà, ó sì ń yọ̀ gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi dé orí ògiri. Ó ti béèrè lọ́wọ́ àwọn kan kó tó kàn mí. Wọ́n ní kí ó jẹ́ kí sáà `Motion Warping`, ìyẹn sáà tí ẹ̀rọ fi ń ṣàtúnṣe ìrìn náà kí ó lè dé ibi àfojúsùn, gùn sí i, tàbí kí ó fi `Two Bone IK`, tó ń na apá tàbí kí ó ká a kí ọwọ́ lè dé ibi tí a yàn, fa ọwọ́ náà dé òkè. Ìmọ̀ràn méjèèjì ló kọ́kọ́ bà á lọ́kàn jẹ́, nítorí ó lo ọjọ́ mẹ́ta lórí wọn, ọwọ́ náà kò sì yé yọ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ìwọ̀n tí ọmọ náà mú kò ní àṣìṣe kankan. Ó ta ìtànṣán síwájú láti rí ògiri, ó ta òmíràn láti òkè wá sísàlẹ̀ láti mọ ibi tí orí ògiri wà, ó sì yí ẹni náà sí `Flying` kí ìrìn òkè inú ànìméṣọ̀n má baà sọnù, nítorí pé `Walking` kì í jẹ́ kí ó gòkè. Ibi tó ti ṣìnà ni pé sáà `Motion Warping` kan ṣoṣo ló tẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ànìméṣọ̀n dé òpin rẹ̀, tó sì fi orí ògiri ṣe ibi àfojúsùn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ni ṣe ń ṣe é, nítorí ògiri tí wọ́n fi ń ṣàpẹẹrẹ kì í ju ti ànìméṣọ̀n wọn lọ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ògiri tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 240 ni wọ́n ṣe ànìméṣọ̀n rẹ̀ fún. Egungun ìpìlẹ̀, ìyẹn ojú ibi tí ẹ̀rọ kà sí ibi tí ẹni náà dúró láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ti gòkè ní 40 nígbà tí ọwọ́ kan etí ògiri. Ìtumọ̀ èyí ni pé ọwọ́ fi 200 ga ju ẹsẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú yẹn. Ògiri inú géèmù rẹ̀ wá jẹ́ 270. Bí a bá pín 30 tó lé náà káàkiri gbogbo ìgòkè náà ní ìwọ̀n kan náà, a ó sọ gbogbo ìgòkè di ìlọ́po 1.125. Nígbà tí ó bá yẹ kí ọwọ́ kan etí ògiri, ẹsẹ̀ yóò wà ní 45, ọwọ́ yóò sì wà ní 245. Sẹ̀ǹtímítà 25 ló kù kí ó dé òkè, inú bíríkì ni ọwọ́ yóò sì ti fi gbogbo ìyókù ànìméṣọ̀n náà wá 25 ọ̀hún.

Ìdí nìyí tí `Two Bone IK` kò fi lè gbà á là. Apá ẹni tó fẹ́ di etí ògiri mú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán nígbà tí ọwọ́ kàn án. Níbo ni yóò ti rí sẹ̀ǹtímítà 25 mìíràn? Ìgbọ̀nwọ́ yóò le gbandi, ọwọ́ kò sì ní dé ibẹ̀. Irú ìfàsókè bẹ́ẹ̀ dára fún sẹ̀ǹtímítà méjì tàbí mẹ́ta tí etí ògiri bá ṣẹ́ kọ́lọkọ̀lọ.

Ìgbà tí ẹni náà ṣì wà lófuurufú ni kí a ti san gbogbo gbèsè náà tán, kí ọwọ́ tó kan ògiri. Kí sáà náà bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ ti kúrò nílẹ̀, kí ó sì parí ní férémù gan-an tí ọwọ́ di etí mú. Ibi àfojúsùn kì í sì í ṣe orí ògiri mọ́, ibi tó yẹ kí ẹsẹ̀ wà nígbà náà ni: 270 dín 200, ìyẹn 70. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ ní 200 láti gùn kí ó tó dé orí ògiri, èyí sì ni iye tó gùn nínú ànìméṣọ̀n, láti 40 dé 240. Kò sí ohun tí a ní í tún ṣe nínú rẹ̀ mọ́.

```cpp
FVector Ibi = EtiOgiri + OjuOgiri * 35.f;
Ibi.Z -= 200.f;
MotionWarping->AddOrUpdateWarpTargetFromLocationAndRotation(
    TEXT("DiEtiMu"), Ibi, (-OjuOgiri).Rotation());
```

`EtiOgiri` ni ibi tí etí ògiri wà, `OjuOgiri` sì ni ìhà tí ògiri kọjú sí. `35` inú rẹ̀ ni bí ẹsẹ̀ ti jìnnà sí ògiri nínú ànìméṣọ̀n tèmi nígbà tí ọwọ́ kàn án. Kí olúkúlùkù lọ wọn tirẹ̀. Ẹ tẹ `slomo 0.2` sínú kọ́ńsóòlù kí géèmù lè máa lọ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ wá tẹjú mọ́ àtẹ́lẹwọ́ nìkan. Bí ó bá sún bí ó ti wù kí ó kéré mọ lẹ́yìn tí ó ti kan ògiri, sáà yín ti pẹ́ jù kí ó tó parí.

Fún ẹni tó ń fi ọwọ́ lé ògiri kékeré fò kọjá, ọ̀nà kan náà ni, àfi pé a ó fi sáà kejì kún un láti ìgbà tí ọwọ́ bá kúrò lórí ògiri títí ẹsẹ̀ yóò fi kanlẹ̀ lódìkejì, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ lè rẹlẹ̀ tàbí kí ó ga ju ibi tó ti fò lọ. Àárín sáà méjèèjì, tí ọwọ́ fi wà lórí ògiri, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Ìṣirò yìí náà ló ń fi hàn wá ibi tí ànìméṣọ̀n kan kò lè dé. Bí ògiri bá jẹ́ 200, ibi àfojúsùn di 0: ẹni náà kò ní fò rárá. Bí ó bá rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ yóò wọnú ilẹ̀. Lókè náà, ẹni tó ń fi ìṣẹ́jú àáyá 0.4 gòkè ní 40 ti wá ń fi í gòkè ní 70, bí ẹni tí okùn fà lójijì. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé 30 ni òpin, pé ohun tó bá jù ú lọ, kí wọ́n wá ànìméṣọ̀n mìíràn fún un.

Mo sọ fún ọmọ náà bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, ọwọ́ náà ti dúró. Ṣùgbọ́n ògiri 300 wà nínú géèmù mi, ànìméṣọ̀n kan ṣoṣo yìí ni mo sì ní.” Ní alẹ́ àná ó fi fídíò mìíràn ránṣẹ́. Ó ti dín eré ànìméṣọ̀n náà kù níbi fífò nìkan, 0.4 di 0.6, ẹsẹ̀ sì gòkè ní 100 láàárín àkókò náà. Èmi ìbá ti sọ pé kò lè dára. Mo wò ó láti ẹ̀yìn ẹni náà, níbi tí kámẹ́rà géèmù rẹ̀ máa ń wà, n kò rí okùn kankan. Mo ní kí ó yí kámẹ́rà sí ẹ̀gbẹ́, mo sì rí i díẹ̀, ṣùgbọ́n kò burú tó bí mo ṣe rò. Ọdún mélòó ni mo ti ń pàṣẹ 30 fún àwọn ènìyàn, n kò sì tíì wò ó rí láti ibi tí ẹni tó ń fi géèmù náà ṣeré yóò ti máa wò ó.